Ṣíà Àyálówórà: Ìdógò Tí Kò Ní Ìràpadà

Bí ẹ bá dé Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́, ẹ bi àgbàlagbà kan léèrè ohun tí ìdógò jẹ́. Yóò sọ fún yín pé ẹni tí ó fi oko rẹ̀ dógò láti yá owó kò tíì sọ oko nù. Ẹni tí ó yá a lówó lè máa ká èso ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà. Ọjọ́ tí onígbèsè bá kó owó dé, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ogún ọdún, ìbáà jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni ó wá san án, oko padà di ti ìdílé.

Ìdógò mìíràn wà lóde òní tí kò mọ òfin yìí. Òun ni pé kí ènìyàn yá owó fi ra ṣíà, kí ó sì fi ṣíà kan náà dógò lọ́wọ́ ẹni tí ó yá a lówó. Mágíìnì ni àwọn alágbàtà ń pè é. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Ìgbómìnà tí ó ní owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ́wọ́ mọ̀ pé nínú ìdógò yìí, ayánilówó ni ó ń yan ọjọ́ tí wọn yóò ta oko.

Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán ni mo ń sọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn báǹkì wa fi kún owó ìpìlẹ̀ wọn, ó sì fi 31 oṣù kẹta ọdún 2026 ṣe gbèdéke. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wáyé ní oṣù keje ọdún 2004, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Ìgbà náà ni títa ṣíà báǹkì di ohun tí gbogbo ìlú ń sọ. Owó ṣíà ń gòkè, báǹkì sì ń yá ènìyàn lówó láti rà á. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà Èkó ju 66,000 lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ó ti já wá sí nǹkan bí 20,000.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ṣe àpẹẹrẹ, kí a lè rí bí ọ̀bẹ náà ṣe ń gé. Ó ní 500,000 náírà. Alágbàtà ní kí ó yá 500,000 mìíràn kún un. Ó ra ṣíà 50,000 ní náírà 20 ẹyọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù kan. Ìwé tí ó fọwọ́ sí sọ pé ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, lẹ́yìn tí a bá yọ gbèsè, kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye ṣíà náà. Bí ó bá dín, ó gbọ́dọ̀ dá a padà sí ìdajì lójú ẹsẹ̀.

Owó ṣíà wá já sí náírà 14. Ṣíà rẹ̀ di 700,000, ṣùgbọ́n gbèsè kò kúrò ní 500,000. Ohun tí ó kù fún un jẹ́ 200,000, èyí kò tó ìdá 30. Ìpè dé: “Ẹ mú owó wá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ a ó tà á.” Baba kò ní owó mìíràn. Kí wọ́n tó rí ẹni tí yóò rà á, owó ṣíà ti di náírà 12 àti kọ́bọ̀ 50. Wọ́n ta 30,000 nínú ṣíà rẹ̀, wọ́n rí 375,000, wọ́n sì fi san gbèsè. Ṣíà 20,000 ni ó kù, pẹ̀lú gbèsè 125,000.

Ibí yìí ni kí ẹ ti fọkàn bá mi lọ. Ká ní owó ṣíà padà sí náírà 20 lẹ́yìn ọdún méjì. Ṣíà 20,000 yóò jẹ́ 400,000. Bí a bá yọ gbèsè kúrò, baba ní 275,000, kí a tó ka èlé báǹkì rárá. Bí kò bá yá owó, tí ó fi owó ara rẹ̀ nìkan ra ṣíà 25,000, 500,000 rẹ̀ ì bá pé padà. Ọjà padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Òun kò lè bá a padà, nítorí ṣíà tí ì bá gbé e padà ti di ti ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní “ènìyàn kì í pàdánù títí yóò fi tà” ń sọ òótọ́ fún ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ rà nìkan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe sùúrù. Ẹni tí ó yá owó ti fi sùúrù rẹ̀ dógò pẹ̀lú ṣíà.

Àwọn kan yóò ní èrè ńkọ́? Mo gbà. Bí ṣíà náà bá di náírà 30, 500,000 baba yóò di mílíọ̀nù kan, nígbà tí ẹni tí kò yá owó yóò ní 750,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà bá ń já, ìpè kì í kan ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ onígbèsè ni yóò gba ìpè lẹ́ẹ̀kan náà, títà wọn ni yóò tún rẹ owó ṣíà sílẹ̀, èyí tí yóò sì mú ìpè kan àwọn tí kò tíì kàn tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, àwọn aláṣẹ ọjà ní kí owó ṣíà má ṣe já ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́. Òfin náà kò mú olùrà wá. Àwọn tí ó fẹ́ tà kàn tò sílẹ̀ ni, èlé sì ń gorí gbèsè.

Nígbà tí ó yá, a rí ẹni tí ìjọba ṣàánú. Wọ́n dá àjọ AMCON sílẹ̀ ní ọdún 2010 láti ra gbèsè tí ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn báǹkì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, ìjọba kéde ìdáríjì gbèsè tí ó tó bílíọ̀nù 22.6 náírà fún ilé-iṣẹ́ alágbàtà 84. Ẹni tí wọ́n ti ta ṣíà rẹ̀ ní 2008 láti san gbèsè rẹ̀ kò ní gbèsè kankan tí a lè dárí jì í mọ́. Ó ti san án tán, nígbà tí ọjà burú jù lọ.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé mágíìnì, kí alágbàtà kọ iye owó ṣíà tí ìpè yóò fi dé síbẹ̀ gàdàgbà, ní èdè tí oníbàárà gbọ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi iye ṣíà pín gbèsè, kí ẹ tún fi 0.70 pín èsì rẹ̀, bí òfin bá jẹ́ ìdá 30. Ti baba wa yóò jẹ́ náírà 14 àti kọ́bọ̀ 29. Alágbàtà tí ó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì àti owó alájẹṣẹ́kù, kò yẹ kí a rí wọn nídìí mágíìnì rárá. Bí ṣíà bá wù yín, ẹ fi owó ọwọ́ yín rà á, kí ó kéré, kí ẹ sì lè dúró dè é. Àwọn baba wa mọ̀ pé ayánilówó lè jẹ èso oko, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó ta oko. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí ó gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ yín.