Òru Ọjọ́ Àìkú: Ọ̀sẹ̀ Wo Ni Ó Ni Í?

Ní àìpẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ní Akówọnjọ níhìn-ín, mú tákàdá owó ọ̀yà rẹ̀ tọ̀ mí wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n kọ wákàtí 96 fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì san ₦48,000 fún mi. Wákàtí náà pé, ṣùgbọ́n owó náà kò pé lójú mi."

Mo ṣírò rẹ̀: wákàtí 96 ní ₦500 kọ̀ọ̀kan, ₦48,000 náà ni. Bí ó bá jẹ́ pé àròpọ̀ nìkan ni mo wò, èmi ì bá ti lé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti pẹ́ nídìí ìwé owó ọ̀yà mọ̀ pé àròpọ̀ ni ibi tí àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí, nítorí náà mo béèrè lẹ́tà tí a fi gbà á síṣẹ́.

Lẹ́tà ni a kọ́kọ́ ń béèrè, nítorí Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 13, fi iye wákàtí iṣẹ́ sí ọwọ́ àdéhùn; ó ní ohun tí a bá ṣe lé e ni ofatáìmù, ṣùgbọ́n kò dá iye owó ofatáìmù náà. Lẹ́tà ọmọ yìí sọ wákàtí 48 ní ọ̀sẹ̀ kan, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú wákàtí ìsinmi nínú rẹ̀. Ohun tí ó bá lé ní 48, ₦750 ni wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyèsí i pé ọ̀sẹ̀ ni lẹ́tà wí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn èyí ni mo ní kí ó lọ kọ aago tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde láti inú ìwé ẹnu géètì, kí a fi í sí ẹ̀gbẹ́ ìwé wákàtí tí ọ̀gá iṣẹ́ fọwọ́ sí. (Ẹni tí ó bá dé ní aago 10 ku ìṣẹ́jú 20 kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwé géètì kò sọ ju pé ó wà níbẹ̀ lọ.) Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, iṣẹ́ òru ni ó ṣe, aago 10 alẹ́ sí aago 6 òwúrọ̀, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta: òru mẹ́fà, wákàtí 48. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹnìkan kò wá síṣẹ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é. Ó wá, ó ṣe wákàtí 8. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ṣe iṣẹ́ ọ̀sán márùn-ún láti aago 2, èyí tí í ṣe wákàtí 40.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ hàn sí mi kedere. Akọ̀wé wọn ti kọ òru ọjọ́ Àìkú sí abẹ́ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì, nítorí pé ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ni ó mọ́ bá a. Báyìí ni ọ̀sẹ̀ méjèèjì ṣe di 48 àti 48, tí ofatáìmù sì pòórá. Ṣé ìlànà wọn nìyẹn? Mo wo àwọn òru mẹ́fà ìṣáájú: a kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Òru ọjọ́ Àìkú nìkan ni a kọ sí ibi tí ó parí. Ilé iṣẹ́ mìíràn a máa pín òru ní aago 12. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, wákàtí 2 ni ì bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kìíní, ofatáìmù rẹ̀ ì bá sì jẹ́ 2 péré. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí tí ó yàn, bí ó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tí kò sì yí i padà láàárín ọ̀sẹ̀.

Nípa ìlànà tiwọn, ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ 56: ₦24,000 fún 48, ₦6,000 fún 8. Ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ₦20,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦50,000, ó ku ₦2,000.

Ilé iṣẹ́ náà dáhùn pé àwọn ti fún un ní ìsinmi ọjọ́ Ajé dípò. Ó tọ́ kí n sọ pé òótọ́ ni wọ́n wí níbẹ̀. Òfin kan náà ní kí òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 24 gbáko láàárín ọjọ́ méje. Bí a bá gé e, kí a dá àkókò náà padà kí ọjọ́ 14 tó pé, tàbí kí a san owó ofatáìmù dípò rẹ̀. Láti aago 6 òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé dé aago 2 ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ wákàtí 32, wọn kò sì jẹ gbèsè ìsinmi. Ṣùgbọ́n gbèsè ìsinmi ọ̀tọ̀, gbèsè wákàtí tí ó lé ní 48 ọ̀tọ̀. Lójú tèmi, sísan èkíní kò pa èkejì rẹ́, àfi bí lẹ́tà bá sọ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà náà kò sì sọ ọ́.

Wọ́n fi ₦2,000 náà kún owó ọ̀sẹ̀ méjì tí ó tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà, mẹ́ta nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ti ṣe òru ọjọ́ Àìkú rí ti kan ilẹ̀kùn mi, mo sì ti dá wọn padà sí ẹnu géètì láti lọ kọ aago wá ná.