'AS ni mí, ibà kì í mú mi': Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí wò

Ìgbàkigbà tí àríyànjiyàn jẹ́nótáìpù bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí ayélujára, ẹnì kan á ṣáà sọ pé: "AS ni mí o, ibà kì í mú irú wa." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kò tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Òfin ni mo kà, mi ò ka ìṣègùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìdajì òótọ́ lè ba ẹjọ́ jẹ́ ju irọ́ lọ.

Bí ẹ̀fọn bá jẹ èèyàn, inú ẹ̀dọ̀ ni kòkòrò ibà kọ́kọ́ ń sá sí. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, á jáde sínú ẹ̀jẹ̀, á wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa, á sì máa bí sí i níbẹ̀. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé ẹ̀yà ara kan wà lápá òsì ikùn wa tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí asẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti bàjẹ́ kì í kọjá níbẹ̀. Kí kòkòrò yìí má bàa débẹ̀, ó máa ń fi purotéènì kan ṣe ìkọ́ sára sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀. Ìkọ́ yìí ni sẹ́ẹ̀lì náà fi ń di ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ mú. Bó bá di pé wọ́n pọ̀ nínú àwọn iṣan tín-ín-rín inú ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá mọ́. Ibẹ̀ ni gìrì àti dídákú ti ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ìkọ́ yẹn náà ló ń tú u fó. Áńtíbọ́dì, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara wa, máa ń dá a mọ̀ bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá rí àpèjúwe olè gbà. Kí ni kòkòrò náà wá ṣe? Ó ní nǹkan bí 60 jíìnì tó lè fi rọ ìkọ́ oríṣiríṣi, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì máa ń lò lẹ́ẹ̀kan. Kí áńtíbọ́dì tó pa àwọn tó ní ìkọ́ àkọ́kọ́ tán, díẹ̀ nínú wọn á ti pààrọ̀ sí òmíràn. Àpèjúwe tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá ti di ti àná. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà tí ibà ti mú lọ́pọ̀ ìgbà fi ń rọ́gbọ́n dá sí i, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ibí ni AS ti wọlé. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ AA, àbúrò jẹ́ AS. Ẹ̀fọn kan náà jẹ àwọn méjèèjì, ara àwọn méjèèjì lè gbóná, àyẹ̀wò lè fi kòkòrò hàn lára wọn. Ìyàtọ̀ wà níbi ìkọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì AS, ọ̀nà tí kòkòrò ń là láti gbé ìkọ́ dé ìta kì í gún dáadáa, ìkọ́ tó dé ibẹ̀ ò pọ̀, wọn ò sì tò bó ṣe yẹ. Sẹ́ẹ̀lì náà ò lè di ògiri mú pinpin. Èyí tó bá tiẹ̀ rọ́nà sá pamọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, hẹmoglóbìn S á dì pọ̀ níbẹ̀, kòkòrò inú rẹ̀ ò sì ní lè dàgbà dáadáa. Ìwádìí nílẹ̀ Áfíríkà fi hàn pé ewu akọ ibà lára ọmọ AS fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá dín sí ti AA. Ẹ kíyè sí i: akọ ibà ni mo wí. Ní ti kí kòkòrò ṣáà wọ ara, ìyàtọ̀ wọn ò tó nǹkan.

Ààbò yẹn gan-an ní ààlà. Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ tó yẹ kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó ju 3,000 lọ wò, ní Gáńbíà àti Kẹ́ńyà, jábọ̀ pé irú kòkòrò kan wà tó ti yí jíìnì rẹ̀ padà, tí hẹmoglóbìn S ò fi fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́ mọ́. Olè ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí kọ́kọ́rọ́ tuntun.

Èyí tó burú jù ni kí òbí rò pé bí S kan bá ń dáàbò boni, S méjì á ṣe é dáadáa jù. Rárá o! Ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS ò pọ̀ tẹ́lẹ̀, ibà sì tún ń jẹ èyí tó kù. Ibà máa ń pa wọ́n, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ní kí wọ́n máa lo pálúdírìn lójoojúmọ́.

Àjẹsára R21 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní Kébbì àti Bàyélsà lọ́dún 2024 ń dojú kọ kòkòrò kó tó wọ ẹ̀dọ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ìkọ́. Ọmọ AS náà nílò rẹ̀. Ó nílò àpò ẹ̀fọn pẹ̀lú. Bí ara rẹ bá gbóná, ìwọ AS, lọ ṣàyẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Jẹ́nótáìpù kì í ṣe oògùn.