Kí ẹ tó kó síífíì ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àwọn àwòrán "a ń wá òṣìṣẹ́" tó ń káàkiri lórí Wasáàpù. Ọ̀pọ̀ wọn ni ò ní ọjọ́ kankan lára. Ẹnì kan fi í síta lóṣù kẹta, ẹlòmíì tún gbé e kiri lóṣù kẹjọ, ẹ̀yin náà wá ń sáré tẹ síífíì ní Agbowó, ẹ ń wọ mọ́tò lọ sí Ríńgì Róòdù. Ẹ dé ẹnu géètì, wọ́n ní àwọn ti gba èèyàn tipẹ́.

Èrò tèmi rèé: tí ìkéde ò bá ní ọjọ́ ìparí, ẹ fi íméèlì kékeré béèrè ná. Àwọn kan ní ìyẹn á jẹ́ kéèyàn dà bí ẹni tí ò ṣetán. N ò gbà. Nọ́ńbà yín, àdírẹ́sì ilé yín, orúkọ àwọn tó dúró fún yín, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú síífíì. Ẹ fẹ́ kó o fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, lórí iṣẹ́ tó ṣeé ṣe kó ti tán?

Ká ní iṣẹ́ igbákejì oníṣirò owó ni, ní Ṣálẹ́ńjì. Ẹ fi orúkọ iṣẹ́ náà ṣe àkọlé íméèlì. Inú ẹ̀ wá (ẹ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì o):

"Ẹ káàárọ̀. Mo rí ìkéde yín fún igbákejì oníṣirò owó lórí Wasáàpù lọ́jọ́ 4 oṣù yìí, kò sì sí ọjọ́ ìparí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè náà ṣì ṣí sílẹ̀? Mo gboyè nínú ìṣirò owó, mo sì ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọdún 1. Ẹ ṣé."

Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ó tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, ẹni tó ń kà á lè dáhùn látorí fóònù ẹ̀. Ẹ má so síífíì mọ́ ọn, ẹ má béèrè owó oṣù, ẹ má sì fi ẹyọ íméèlì kan ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ mẹ́wàá pọ̀. Wọ́n á rí orúkọ ara wọn níbẹ̀!

Ibi tí ẹ ti mú àdírẹ́sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ má lo ti inú àwòrán, ẹ lọ wá a lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé gbájúẹ̀ ló ṣe àwòrán yẹn, àwọn gan-an ló máa sọ fún yín pé àwọn ò wá òṣìṣẹ́ kankan. Bí èsì bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ sá.

Ẹ fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì, lẹ́yìn náà ẹ pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ ìparí bá wà lára ìkéde, tí ò sì tíì kọjá, ẹ má béèrè nǹkan kan. Ẹ kó ìwé yín ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.