Ẹ yé jí wa láago mọ́kànlá alẹ́ nítorí fídíò

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń sọ pé "ojoojúmọ́ la gbọ́dọ̀ máa gbé nǹkan síta", ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

Lálúpọn ni mo wà. Níbí, kò sẹ́ni tó ń yan gààrí ní ife kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́ rẹpẹtẹ, wọ́n á rin ín, wọ́n á kó o sápò, wọ́n á fi ọjọ́ díẹ̀ sílẹ̀ kó kan kí omi ẹ̀ sì fún dànù, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó yan án. Iná kan náà ló ń yan gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti di iṣẹ́ orí Fesibúùkù, ẹ fẹ́ ká máa dáná tuntun láràárọ̀ nítorí ife kan ṣoṣo.

Mo bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ rí. Àwa mẹ́ta là ń ṣe é. Aago mọ́kànlá alẹ́ ló máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù: "Fídíò yẹn ò wù mí." Fídíò tí a ti yà, tí a ti gé, tó yẹ kó jáde láago méje àárọ̀! Kí ni ò wù ú? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní ó ti ka ọ̀rọ̀ náà ká tó ya fídíò ni, ìṣẹ́jú méjì la ó fi tún un ṣe. Nígbà tí a ti yà á tán, odindi ọjọ́ kan ló gbà wá.

Nítorí náà, ibi tí àṣẹ ti wọlé ló ń pa òṣìṣẹ́, kì í ṣe iye iṣẹ́. Ẹ gba àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ kíkọ kó tó kan fídíò.

Bí àwa mẹ́ta ṣe wá ń ṣe é nìyí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyípo wa, àtẹ̀jáde mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, mẹ́fà lápapọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wákàtí kan péré, a jókòó yan ohun tí a fẹ́ sọ. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, a kọ ọ́. Alẹ́ Ọjọ́rú, gbogbo ẹ̀ ti wà níwájú ọ̀gá nínú Google Sheets, lójú kan náà. Ó ní títí di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì láti kọ èsì ẹ̀ síbẹ̀. A ò gba ohùn Wọ́sáàpù. Sátidé, a ya gbogbo fídíò láàárọ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, a gé e, ọ̀gá sì tún wò ó títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Lọ́tẹ̀ yìí, iye owó, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù nìkan ló lè tọ́ka sí. "Kò wù mí" ti kọjá àsìkò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a tò ó sínú Meta Business Suite, ó di ọjọ́ Ajé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Bí ọ̀gá ò bá wá dáhùn ńkọ́? Àtẹ̀jáde yẹn ò ní jáde, ó tán. Méjì tí ò lọ́jọ́, tí ó ti gba àṣẹ, máa ń wà nílẹ̀ láti dípò ẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé kí ìdákẹ́ jẹ́ àṣẹ. Èmi ò fara mọ́ ọn: lọ́jọ́ tí iye owó tí ò tọ̀nà bá jáde, akọ̀wé ni wọ́n á dá lẹ́bi, àbí irọ́ ni?

Òótọ́ ni pé ohun tí a ṣe lápapọ̀ lè gbó. Bí a ṣe ń yan gààrí kì í yí padà lọ́sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n iye owó kóńgò kan lè yí kí ọjà kejì tó ná. Torí náà, nínú mẹ́fà yẹn, a máa ń fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo fún ọ̀rọ̀ owó, àárọ̀ ọjọ́ náà la ń kọ ọ́. Bákan náà, ẹnì kan nínú wa láṣẹ láti dá gbogbo ẹ̀ dúró láì bi ẹnikẹ́ni. Ẹ fojú inú wo ẹ̀fẹ̀ tí a tò sílẹ̀, tó wá jáde lọ́jọ́ tí ìlú ń ṣọ̀fọ̀.

Ẹ tún ní àwọn èèyàn á gbàgbé wa tí a ò bá jáde lójoojúmọ́. Lọ́dún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn l'Ábẹ́òkúta. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde, wọ́n sì ń dúró dè é. (Mo mọ̀ pé kò sí Tíkítọ́ọ̀kù nígbà yẹn, ẹ má wulẹ̀ yọ ẹnu sí mi.) Ọjọ́ tí èèyàn mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ ló ń dúró dè.

Ẹ ṣí tábìlì yín lónìí, kí ẹ ka iye èyí tó wà lábẹ́ "ń dúró de àṣẹ". Bó bá ju mẹ́fà lọ, ẹ má tíì pariwo mọ́ akọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ jókòó lé e. Bí ọ̀kan bá sì ti padà wá fún àtúnṣe lẹ́ẹ̀kẹta, a jẹ́ pé lọ́jọ́ Ajé, ẹ ò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ.