Bí Ọlọ́jà Bá Kọtí Ikún

Ọmọ àbúrò mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ìyá rẹ̀ nílùú Ìlúà níbí, lórí eBay. Wọ́n ní bó pẹ́ jù, ẹrù á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ pé, kò rí nǹkan kan. Ó kọ̀wé sí ọlọ́jà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí èsì. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n tún ní sùúrù ni?" Mo ní sùúrù dáa, àmọ́ ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún ọ?

Ọjọ́ 30 ni, lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá pé ẹrù á dé. Tirẹ̀ á parí ní ọjọ́ 10 oṣù Keje. Ìwé tó ń kọ sí ọlọ́jà kì í ṣe ẹjọ́ o. Àfi kó lọ síbi tí wọ́n to ọjà tó rà sí, kó sọ níbẹ̀ pé ẹrù òun ò dé. Ọjọ́ Ajé ló ṣe é. Ọlọ́jà ní ọjọ́ iṣẹ́ 3 láti dáhùn. Títí Ọjọ́bọ̀ fi lọ, kò fọhùn. Ní Ẹtì, ó ní kí eBay fúnra wọn dá sí i. Ọlọ́jà ò ní ẹ̀rí kankan pé ẹrù dé ilé rẹ̀, ni wọ́n bá dá owó padà.

Ọlọ́jà mìíràn á máa bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ pa ẹjọ́ dé, pé ẹrù ti ń bọ̀. Ẹ má gbà: ẹjọ́ tẹ́ ẹ bá ti pa dé, ẹ ò ní lè ṣí i mọ́. Owó tẹ́ ẹ bá sì san sí àkáǹtì ọlọ́jà lẹ́yìn ọjà, eBay ò mọ̀ ọ́n.