Àmì Kékeré Tí Ń Gbé Orúkọ Ènìyàn Mì

Nígbà tí wọ́n bá ka orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí ó yege, tí orúkọ ẹnì kan kò sì sí níbẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ ni pé onítọ̀hún kò wá sí kíláàsì déédéé, tàbí pé akọ̀wé gbàgbé rẹ̀. Ó lè máà jẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Orúkọ náà lè wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, kí ó wà nínú àtẹ Excel tí akọ̀wé tẹ̀, kí ó sì sọnù lójú ọ̀nà, nígbà tí wọ́n ń kó àtẹ náà wọ inú àká ìsọfúnni.

Àtẹ àti àká kì í ṣe ohun kan náà. Àtẹ Excel dà bí ìwé àjákọ onílà: ohun tí akọ̀wé bá fẹ́ ni ó lè kọ sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ náà kò ní bá a jiyàn. Àká ìsọfúnni kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, òpó kọ̀ọ̀kan ní irú ohun tí ó ń gbà. Òpó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kò gba ohun mìíràn ju ọjọ́ lọ. Láti inú àtẹ dé inú àká, ohun gbogbo ń gba inú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní CSV kọjá. Nínú fáìlì yìí, ìlà kan ni ti ènìyàn kan, àmì kékeré kan sì ni ó ń pààlà láàárín òpó kan àti èkejì. Bí Excel bá wà ní èdè Faransé, àmì ààlà náà sábà máa ń jẹ́ `;`, nítorí pé àwọn Faransé ti ń lo `,` láti ya ẹ̀sún kúrò lára odindi nọ́ńbà.

Àmì tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Bí ènìyàn márùn-ún bá ti abúlé kan náà wá, akọ̀wé yóò kọ orúkọ abúlé náà lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fi àmì `"` sí abẹ́ rẹ̀, tí ó túmọ̀ sí pé bákan náà ni. Ojú ènìyàn lóye èyí. Ẹ̀rọ kò lóye rẹ̀ rárá. Lójú ẹ̀rọ, àmì náà jẹ́ ìlẹ̀kùn: àkọ́kọ́ ṣí i, èkejì tì í. Ohunkóhun tí ó bá wà láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ìbáà jẹ́ pé àmì ààlà wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ìlà tuntun ti bẹ̀rẹ̀.

Fáìlì àpẹẹrẹ kan nìyí, tí orúkọ ènìyàn mẹ́rin wà nínú rẹ̀:

```
nomba;oruko;abule;ojo_ibi
1;Ajani;Ketu;17/04/1982
2;Asabi;";03/05/1979
3;Akanni;";22/11/1990
4;Ayinke;Itakete;08/02/1985
```

Ẹ̀rọ ka ìlà Àjàní dáadáa. Ó dé ìlà Àṣàbí, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀, ó wá kan àmì `"` ní ipò abúlé. Ìlẹ̀kùn ṣí. Láti ibẹ̀, ó ń gbé ohun gbogbo mì: ọjọ́ ìbí Àṣàbí, òpin ìlà, nọ́ńbà Àkànní, orúkọ Àkànní, títí ó fi kan àmì `"` kejì. Ìlẹ̀kùn wá tì. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ ìbí Àkànní, ẹ̀rọ sì kọ ọ́ fún Àṣàbí. Bí a bá ka òpó tí ó jáde, wọ́n pé mẹ́rin géérégé, nítorí náà àká kò rí ohun kan tí yóò fi kọ̀ wọ́n. Ènìyàn mẹ́rin wọlé, mẹ́ta ni àká kà. Àkànní kò sí mọ́. Àṣàbí, tí wọ́n bí ní ọdún 1979, ti di ẹni tí wọ́n bí ní ọdún 1990, abúlé rẹ̀ sì ti di ọ̀rọ̀ gígùn kan tí kò ní ìtumọ̀.

Ká ní àmì náà jẹ́ mẹ́ta ni, ìlẹ̀kùn kẹta kò ní rí èkejì rẹ̀ kí fáìlì tó parí. Àká tí wọ́n ń pè ní PostgreSQL yóò kọ ọ̀rọ̀ yìí sójú ẹ̀rọ: `unterminated CSV quoted field`, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àmì kan ṣí tí kò tì. Kò sí ẹyọ ìlà kan tí yóò wọlé. Inú akọ̀wé kò ní dùn, pàápàá bí ó bá jẹ́ èdè Faransé ni ó gbọ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ yìí sàn ju gbígbà ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, nítorí pé ẹni tí wọ́n kọ̀ fún mọ̀ pé wọ́n kọ̀ fún òun. Ẹni tí wọ́n gba ti rẹ̀ ní ìgbàkugbà yóò lọ sílé, yóò sì sùn.

Àwọn kan yóò ní Excel mọ bí a ti ń tọ́jú àmì yẹn. Òótọ́ ni. Bí Excel fúnra rẹ̀ bá tọ́jú àtẹ sínú CSV, ó máa ń sọ àmì `"` kan di `""""`, kí ìlẹ̀kùn má bàa ṣí lásán. Ibi tí ewu ti ń wọlé ni ìgbà tí ẹnì kan bá fi Bloc-notes ṣí fáìlì náà lẹ́yìn náà, tí ó sì fi ọwọ́ fi àwọn tí wọ́n pẹ́ dé kún un. Bí Excel bá sì tilẹ̀ ṣe é dáadáa, kí ni àká yóò gbà? Yóò gbà pé orúkọ abúlé Àṣàbí ni `"`. Ẹni tí ó bá béèrè iye ènìyàn tí ó wá láti Kétu yóò rí ẹnì kan ṣoṣo.

Ó yẹ kí a sọ pé àmì inú orúkọ d'Almeida kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí. Ẹyọ kan ni tirẹ̀, méjì ni ti èkejì, kò sì ń ṣí ìlẹ̀kùn kankan nínú CSV. Àwọn tí wọ́n ń fọ àtẹ mọ́ nípa yíyọ gbogbo àmì kúrò ń ba orúkọ ìdílé onídìílé jẹ́ lórí ohun tí kò ṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tún jinlẹ̀ díẹ̀. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ọjọ́ ni ó máa ń ṣáájú oṣù. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ni ó ń ṣáájú ọjọ́, PostgreSQL sì sábà máa ń ka ọjọ́ bíi ti Amẹ́ríkà bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ó bá rí `17/04/1982`, yóò kọ̀, nítorí pé kò sí oṣù kẹtàdínlógún. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí `03/05/1979`, kò ní kọ̀. Yóò sọ ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó wá ń ṣẹlẹ̀ ni èyí: akọ̀wé rí i pé ẹ̀rọ kọ `17/04/1982`, ó yí i padà sí `04/17/1982`, ẹ̀rọ gbà á, ó sì mí kanlẹ̀. Kò fọwọ́ kan `03/05/1979`, nítorí ẹ̀rọ kò kọ̀ ọ́. Báyìí, irú ọjọ́ méjì ni ó wà nínú òpó kan náà, kò sì sí àṣẹ kan tí a lè pa fún àká tí yóò tún méjèèjì ṣe pọ̀. Ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni ó lè sọ òótọ́. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a má fọwọ́ kan ọjọ́ kankan, kí a pàṣẹ fún àká kí ó tó ka fáìlì:

```
SET datestyle TO 'ISO, DMY';
```

Ẹni tí ó ń lo Excel ní èdè Faransé lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá àdàlù ti wọlé. Bí kò bá sí ẹni tí ó ti yí ìtò àpótí padà, ọjọ́ tí Excel mọ̀ ní ọjọ́ máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún àpótí, èyí tí ó kà sí ọ̀rọ̀ lásán sì máa ń fara ti ọwọ́ òsì. Òpó ọjọ́ tí apá kan rẹ̀ lọ sí ọ̀tún, tí apá kan lọ sí òsì, ó ní ohun tí ó ń ṣe é. Àmì yìí kò tó láti fi rí gbogbo àṣìṣe, nítorí ọjọ́ tí a yí padà láìmọ̀ lè fara ti ọ̀tún bí àwọn yòókù.

Ìṣòro kan sì wà tí fífi ọjọ́ ṣáájú oṣù kò lè yanjú. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò mọ̀ ju ọdún ìbí wọn lọ, ìwé ìbí wọn sì sọ bẹ́ẹ̀ gan-an: `né vers 1975`. Òpó ọjọ́ nínú àká kò gba ọdún nìkan. Nítorí náà àwọn akọ̀wé a máa fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí i, kí ẹ̀rọ lè dákẹ́. Irọ́ ni. Ìwé ìbí kò sọ bẹ́ẹ̀, ẹni náà kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ẹnì kan yóò fi àká wé ìwé ìbí, yóò sì ní ènìyàn méjì ni wọ́n. Òpó mẹ́ta ni ó yẹ kí àwọn tí ń ṣètò àká fi sílẹ̀: ọjọ́ tirẹ̀, oṣù tirẹ̀, ọdún tirẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọjọ́ àti oṣù ṣófo fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Òpó mẹ́ta tún mú kí àríyànjiyàn lórí èyí tí ó ṣáájú tán pátápátá.

Ti àwọn òpó tí ó fara pamọ́ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan fi òpó méjì pamọ́ nínú àtẹ kí ó lè rọrùn láti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Kò sí ohun kan nínú wọn mọ́ ju àlàfo tí ọwọ́ tẹ̀ láìmọ̀. Excel kò pa wọ́n rẹ́; ó kó wọn sínú CSV pẹ̀lú àwọn yòókù. Àká tí ń retí òpó mẹ́rin wá rí mẹ́fà, ó sì kọ̀: `extra data after last expected column`. Lẹ́tà òkè àtẹ ni ó ń tú àṣírí wọn: bí wọ́n bá fò láti D sí G, E àti F wà níbì kan. Kí a pa ọ̀rọ̀ inú àpótí rẹ́ kò tó, nítorí pé òpó náà ṣì wà; ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà rẹ̀ ni a ó ti yan `Supprimer`. Èyí tí ó rọrùn jù ni kí a ṣe ẹ̀dà òpó mẹ́rin tí a nílò sínú àtẹ tuntun.

Àwọn olóye ẹ̀rọ kan yóò sọ pé kí a ṣe ètò tí yóò máa tún gbogbo èyí ṣe fúnra rẹ̀. Ètò lè ka àmì, ó sì lè kọ òpó tí ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá oṣù kẹta tàbí oṣù karùn-ún ni wọ́n bí Àṣàbí, bí ó bá sì ń méfò, ó ti burú ju èyí tí ó kọ̀ lọ. Inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀: kí akọ̀wé kọ Kétu ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún bí ènìyàn márùn-ún bá ti Kétu wá.

Lẹ́yìn tí fáìlì bá wọlé, ẹni tí ń tọ́jú àká gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ó tó sọ pé iṣẹ́ tán:

```
SELECT count(*) FROM akeko;
```

Iye tí ó bá jáde ni kí ó fi wé iye ènìyàn inú ìwé. Bí wọ́n bá dọ́gba, kí wọ́n tẹ àkójọ náà jáde láti inú àká, kì í ṣe láti inú Excel, kí wọ́n sì gbé e lọ sí kíláàsì. Àwọn tí wọ́n ti mọ̀ọ́kà yóò wá ka orúkọ ara wọn, abúlé wọn àti ọdún ìbí wọn, Àṣàbí yóò sì fi ìka rẹ̀ lé ibi tí àṣìṣe wà.