Gẹ̀ẹ́sì dídán nìkan kọ́ ni wọ́n ń máàkì

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Gbogbo ìgbà tí èsì IELTS bá jáde, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́: "Ọmọ yìí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mumi, kí ló dé tí wọ́n fún un ní 6 nínú kíkọ? Owó wa ni wọ́n kàn fẹ́ jẹ!"

Àwa ò fara mọ́ ọn. Lóòótọ́, ó ń dunni, torí nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣiṣẹ́ nílùú ọba gbọ́dọ̀ ní 6.5 nínú kíkọ. Ṣùgbọ́n èèyàn lè gba 8 nínú sísọ kó gba 6 nínú kíkọ láìsí pé ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹ jẹ. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń máàkì nínú àròkọ, wọ́n sì dọ́gba: ṣé o dáhùn ìbéèrè, ṣé èrò rẹ tẹ̀ léra wọn, ọ̀rọ̀ tó o lò, àti gírámà. Ẹ ṣírò ó. Gẹ̀ẹ́sì tá a fi ń yangàn yẹn, ìdajì máàkì péré ló wà fún un.

Ká ní ìbéèrè ni pé: àwọn kan ní kí ìjọba náwó sórí rélùwéè ju títì lọ, báwo lo ṣe gbà pẹ̀lú wọn tó? Ọmọ wa á fi ìlà tó kọ́ sórí ní lẹ́sìn bẹ̀rẹ̀, "nínú ayé òde òní tó ń yí padà kíákíá." Á ka àǹfààní rélùwéè, á ka ti títì, á wá bú àwọn olóṣèlú (ẹ mọ̀ wá náà!), á sì parí rẹ̀ pé méjèèjì ló dára. Gírámà ò yẹ̀. Àmọ́ ibo ló ti sọ bóun ṣe gbà tó?

Nínú ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n dá fún àròkọ yìí, kó fi márùn-ún àkọ́kọ́ kọ ìdáhùn rẹ̀ ní gbólóhùn kan: "Mo gbà, àfi ní abúlé tí rélùwéè ò lè dé." Gbólóhùn yẹn gbọ́dọ̀ wà ní ìpínrọ̀ kìíní. Kí ìpínrọ̀ kejì mú ìdí kan ṣoṣo, kó là á yé wa: ẹrù tí ọkọ̀ ojú irin kan bá kó, tírélà púpọ̀ ni ì bá gbé e, títì ì bá sì tètè bàjẹ́. Kí ìkẹta sọ ti abúlé: àgbẹ̀ tó fẹ́ kó tòmátì dọ́jà, títì ló nílò. Kó parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ 250 ni wọ́n ní kó má dín sí, 270 ti tó.

Ẹ dán an wò nílé. Ẹ bo ìbéèrè mọ́lẹ̀, ẹ fún ẹlòmíì ní àròkọ náà kó sọ ohun tí wọ́n béèrè. Tó bá ní "ọ̀rọ̀ ìrìnnà ni," ọmọ yín ò tíì dáhùn nǹkan kan.

Kẹ́ ẹ tó sanwó lẹ́sìn, ẹ bi olùkọ́ náà pé àròkọ mélòó ni yóò kà tí yóò fi bírò pupa kọ nǹkan sí. Tó bá jẹ́ ìlà àkọ́sórí ló ń tà, ẹ mú owó yín dání.